Skútà olómi tó ń gbóná jù: ohun táwọn ọlọ́kọ̀ ń bi mí

Ọ̀pọ̀ skútà tó ń wọ ṣọ́ọ̀bù wa ní gúúsù London jẹ́ ti àwọn ọmọ wa tó ń gbé oúnjẹ kiri. Honda PCX 125 ló pọ̀ jù nínú wọn, Yamaha NMAX tẹ̀ lé e, Vespa GTS náà sì máa ń yọjú lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Gbogbo wọn ló ń fi omi tu ẹ́ńjìnnì lára. Tí iná pupa bá ti tàn, ìbéèrè kan náà ni kálukú ń gbé wá, ìyẹn ni mo ṣe kó wọn jọ síbí. PCX ni mo fi ń ṣe àpẹẹrẹ. Níbi tí tàwọn yòókù bá ti yàtọ̀, mo máa sọ.

Ẹ̀gbọ́n, báwo ni omi yìí ṣe ń tu ẹ́ńjìnnì lára gan-an?

Ó ń yí po ni. Pọ́ǹpù ń ti omi yìí, tí a ń pè ní kúláǹtì, gba inú ihò tó yí sílíńdà àti orí ẹ́ńjìnnì ká, ibẹ̀ ló ti ń gba ooru sára. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ṣì tutù, ìlẹ̀kùn kékeré kan tí wọ́n ń pè ní tẹmositáàtì máa ń sé ọ̀nà rédíétọ̀ mọ́ ọn, kí ẹ́ńjìnnì lè tètè móoru. Tí omi bá gbóná tó nǹkan bí 80°C, ìlẹ̀kùn náà á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí, omi á wọ inú rédíétọ̀, afẹ́fẹ́ á gba àárín àwọn ewé alúmíníọ̀mù rẹ̀ kọjá, á gba ooru lọ, omi tó ti tutù á sì padà sọ́dọ̀ pọ́ǹpù.

Ìdérí rédíétọ̀ náà níṣẹ́ tirẹ̀. Sípíríńgì tó wà nínú rẹ̀ kì í jẹ́ kí omi rọ́nà jáde àfi tí agbára tó ń tì í bá kọjá iye tí wọ́n tẹ̀ sórí ìdérí náà, tó sábà máa ń wà nítòsí báà 1.1. Ohun tí ìyẹn ń ṣe ni pé omi tó yẹ kó hó ní 100°C kò ní hó títí ó fi kọjá 120°C. Tí sípíríńgì bá ti rọ̀, tàbí tí rọ́bà abẹ́ ìdérí bá ti sán, omi á máa hó nígbà tí kò tíì yẹ, bí gbogbo nǹkan yòókù tilẹ̀ pé.

Ẹ tún mọ èyí, torí ó máa wúlò nísàlẹ̀: rédíétọ̀ PCX kò sí níwájú ọkọ̀. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ẹ́ńjìnnì ló wà, fáànù tó ń fẹ́ ẹ sì so mọ́ ọ̀pá ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀, kò lo iná bátìrì. Bí ẹ́ńjìnnì bá ṣe ń yára tó ni fáànù ń yára tó. NMAX náà rí bẹ́ẹ̀. Vespa GTS ní tirẹ̀ gbé rédíétọ̀ síwájú, lẹ́yìn páànù tó bo ẹsẹ̀, fáànù oníná ló sì ń lò, tó ń tàn tí omi bá gbóná dé ìwọ̀n kan.

Iná pupa tàn mọ́ mi lójú ọ̀nà. Kí ni kí n kọ́kọ́ ṣe?

Ẹ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ẹ pa ẹ́ńjìnnì. Oúnjẹ tó wà nínú àpótí ẹ̀yìn lè tutù, ṣùgbọ́n orí ẹ́ńjìnnì tí ooru bá ti ká kò ní tọ́ padà. Tí fáànù yín bá jẹ́ oníná, ẹ lè ṣí kọ́kọ́rọ́ láì tan ẹ́ńjìnnì, kí fáànù máa fẹ́ ẹ. Lára PCX ìyẹn ò wúlò, nítorí ẹ́ńjìnnì tó ti kú ti mú fáànù kú pẹ̀lú.

Ẹ má fọwọ́ kan ìdérí rédíétọ̀. Omi tó wà lábẹ́ rẹ̀ lè ti kọjá 110°C. Ìdérí nìkan ni kò jẹ́ kó hó. Ẹ ṣí i báyìí, gbogbo rẹ̀ á hó lójú kan náà, á sì tú sí yín lójú. Ẹ má da omi tútù sí ẹ́ńjìnnì lára pẹ̀lú. Ẹ dúró bí ìdajì wákàtí tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, títí ọwọ́ á fi lè gbé lára rédíétọ̀ láì ta yín.

Bí ẹ bá ń dúró, ẹ wo abẹ́ ọkọ̀ bóyá nǹkan ń kán. Tó bá ti tutù tí ẹ sì rí i pé omi ti dín, omi lásán látinú ike omi mímu lè gbé yín délé, tí ẹ bá rọra lọ. Tí iná náà bá tún tàn láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹ pe ọkọ̀ akẹ́rù kó wá gbé e.

Ṣé ìgbà tó ń gbóná ní ohun tó ń sọ?

Òun gan-an ni mo máa ń kọ́kọ́ béèrè kí n tó mú sípánà.

Tó bá jẹ́ inú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ tàbí níwájú iná ojú títì ló ti ń gbóná, tó sì ń balẹ̀ tí ẹ bá ti ń sáré, omi ń yí dáadáa, afẹ́fẹ́ ni kò tó. Lára ọkọ̀ tí fáànù rẹ̀ jẹ́ oníná, fáànù kò tàn nìyẹn. Lára PCX, ẹ wo bóyá ìdọ̀tí ti dí ojú rédíétọ̀, bóyá ewé fáànù ti kán, tàbí bóyá ike tó bo fáànù ti fọ́. Ike yẹn ni àwọn èèyàn kì í kà sí. Òun ló ń fipá mú afẹ́fẹ́ gba àárín rédíétọ̀. Tí ọkọ̀ bá ti ṣubú sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún tí ike náà sì là, afẹ́fẹ́ á máa gba ibi tó là lọ, rédíétọ̀ á wà níbẹ̀ láìrí ohun tó ń fẹ́ ẹ.

Tó bá jẹ́ pé nínú ìgboro kò sí wàhálà, àmọ́ tí ẹ bá gun òkè Shooters Hill tàbí tí ẹ sáré lọ jìnnà ni iná ń tàn, ẹ wo ọ̀dọ̀ omi. Ẹ́ńjìnnì ń ṣe ooru púpọ̀, omi tó yẹ kó kó o lọ kò sì tó, tàbí kò yára tó. Ó lè jẹ́ pé kúláǹtì ti dín, pé inú rédíétọ̀ ti dí, pé tẹmositáàtì kò ṣí tán, tàbí pé pọ́ǹpù ti rẹ̀.

Èyí tó gbóná láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan tí wọ́n tan án láàárọ̀ burú ju méjèèjì lọ. Tẹmositáàtì ti há, tàbí afẹ́fẹ́ ti sé mọ́ inú ọ̀nà omi, tàbí gáskẹ́ẹ̀tì orí ẹ́ńjìnnì ti lu.

Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, iná á tàn, kò sì sí ooru kankan. Sẹ́ńsọ̀ tàbí wáyà rẹ̀ nìyẹn. Mo ní tẹmọ́mítà tí wọ́n ń na sí nǹkan láti òkèèrè. Tí mo bá nà án sí ibi tí omi ti ń jáde lórí ẹ́ńjìnnì, tí mo sì rí 85°C nígbà tí iná pupa ń tàn, mi ò ní tú rédíétọ̀ kankan.

Kúláǹtì wà nínú ike dé àmì UPPER. Kí ló tún wá dé tó ń gbóná?

Torí pé ike yẹn kọ́ ni rédíétọ̀. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà, ẹ jẹ́ kí n rọra sọ ọ́.

Tí omi bá gbóná, ó ń fẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù á ti sípíríńgì ìdérí sókè, á gba páìpù rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan lọ sínú ike. Tí ẹ́ńjìnnì bá tutù lálẹ́, omi tó kù nínú rédíétọ̀ á súnkì, á sì máa fa nǹkan mọ́ra. Ìlẹ̀kùn kékeré kejì tó wà láàárín ìdérí á ṣí, á fa kúláǹtì padà láti inú ike. Bó ṣe ń lọ tó ń bọ̀ nìyẹn lójoojúmọ́, rédíétọ̀ á sì kún dẹ́nu nígbà gbogbo.

Ṣùgbọ́n kí ó tó lè fa kúláǹtì padà, kò gbọ́dọ̀ sí ihò kankan lójú ọ̀nà. Ẹ fi sitíróò tó ti lu fa mínírà mu, ẹ máa rí i pé afẹ́fẹ́ ló ń wọlé. Tí páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn bá ti sán, tí rọ́bà ìdérí bá ti gan, tàbí tí ibì kan bá ń jò díẹ̀ lára rédíétọ̀ tàbí pọ́ǹpù, afẹ́fẹ́ ló máa wọlé lálẹ́ dípò kúláǹtì. Ní ọjọ́ kejì omi á tún fẹ̀, á tún jáde díẹ̀. Rédíétọ̀ á máa dín, ike á máa kún. Ẹni tó ń wo ike nìkan á máa rò pé kò sí nǹkan kan.

PCX kan wọ ṣọ́ọ̀bù lọ́dún tó kọjá tó fi èyí hàn kedere. Ọmọkùnrin tó ni ín sọ pé òun ń wo ike láràárọ̀, UPPER ló wà, kódà ó ti fẹ́ kọjá rẹ̀. Iná kì í tàn nínú ìgboro, àfi tó bá gba títì A2 lọ jìnnà. Ilẹ̀ tó ń gbé ọkọ̀ sí gbẹ táútáú. Mo ní kó fi ọkọ̀ sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Nígbà tó tutù tán, mo ṣí ìdérí rédíétọ̀, n kò rí omi rárá. Kúláǹtì tí mo dà sí i kó tó kún dẹ́nu tó nǹkan bíi 200 mílílítà. Ìyẹn lè dà bí ohun kékeré, ṣùgbọ́n gbogbo omi tó wà nínú skútà yìí kò pé lítà kan.

Mo wá de ẹ̀rọ ìdánwò mọ́ ẹnu rédíétọ̀ dípò ìdérí. Pọ́ǹpù ọlọ́wọ́ kékeré kan ni, ó ní géèjì lórí. Mo fẹ́ ẹ dé iye tí wọ́n tẹ̀ sórí ìdérí, n kò kọjá rẹ̀, torí èyí tó bá kọjá bẹ́ẹ̀ lè fọ́ ohun tí kò bàjẹ́ tẹ́lẹ̀. Abẹ́rẹ́ ń rọra sọ̀kalẹ̀, síbẹ̀ kò sí ohun tó kán sílẹ̀. Mo fi tọ́ọ̀ṣì àti dígí wo abẹ́ pọ́ǹpù omi. Àmì gbígbẹ kan wà níbẹ̀ tó láwọ̀ kúláǹtì, ó sì ti le bí iyọ̀. Nígbà tó ṣe díẹ̀, ẹ̀kán kan yọ lójú ihò kékeré tó wà lábẹ́ pọ́ǹpù.

Gbogbo rẹ̀ wá yé wa. Síìlì pọ́ǹpù ti jẹ. Tí ọkọ̀ bá ń ṣiṣẹ́, omi ń jò níbẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ẹ́ńjìnnì gbígbóná sì ń gbẹ ẹ́ kó tó kanlẹ̀. Lálẹ́, ihò yẹn kan náà ni afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, nítorí náà ohun tó wà nínú ike kò rọ́nà padà. A pààrọ̀ pọ́ǹpù lódindi pẹ̀lú rọ́bà rẹ̀, a da kúláǹtì tuntun sí i, a lé afẹ́fẹ́ jáde, mo sì tún fi géèjì dán an wò. Abẹ́rẹ́ dúró síbi tí mo fi sí. Mo ní kó padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, kó má tan ọkọ̀ kó tó dé, kó tì í wá ni. Ó rojọ́, àmọ́ ó tì í wá. A ṣí ìdérí: omi dé ẹnu.

Báwo ni mo ṣe máa wo ìwọ̀n kúláǹtì kí n má tan ara mi jẹ?

Ẹ gbé ọkọ̀ sórí ìdúró àárín níbi tí ilẹ̀ ti tẹ́jú. Tó bá fara ti ìdúró ẹ̀gbẹ́, omi inú ike á dagun, ohun tí ẹ bá rí kò ní jẹ́ òótọ́. Kí ẹ́ńjìnnì ti tutù, òwúrọ̀ kí ẹ tó jáde ló dáa jù. Ẹ wo ike: kí omi wà láàárín UPPER àti LOWER. Ẹ tún ṣí ìdérí rédíétọ̀, kí ẹ wò ó bóyá omi dé ẹnu. Ẹ kò nílò láti ṣí i lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n tí ọkọ̀ bá ti gbóná rí, tàbí tí ike bá ń kún láìjẹ́ pé ẹ da nǹkan sí i, ẹ ṣí i.

Ike tó ṣófo pátápátá náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Kúláǹtì kì í fẹ́ lọ sínú afẹ́fẹ́ bẹ́ẹ̀. Tí ẹ bá ń bù sí i lóṣooṣù, ó ń jò níbì kan, tàbí ẹ́ńjìnnì ń jó o.

Ṣé omi ẹ̀rọ kò lè ṣe é?

Kó lè gbé yín délé, bẹ́ẹ̀ ni. Kó máa gbé ibẹ̀, rárá. Omi ẹ̀rọ London ní ẹfun nínú. Ẹni tó bá ń fọ kẹ́tù rẹ̀ mọ ohun tí mò ń sọ. Ẹfun yẹn á lẹ̀ mọ́ àwọn ihò tẹ́ẹ́rẹ́ inú rédíétọ̀. Yàtọ̀ sí ìyẹn, omi lásán ń di yìnyín ní 0°C, yìnyín sì ń fẹ̀, ó lè la rédíétọ̀ tàbí ẹ́ńjìnnì lóru ọjọ́ kan nínú oṣù January. Kúláǹtì tí wọ́n fi omi tí kò ní ẹfun lú ní ìdajì sí ìdajì kò ní dì títí yóò fi tutù ju −35°C lọ, ó sì ń dáàbò bo alúmíníọ̀mù kó má dípẹtà.

Ẹ ka ara ike kúláǹtì kí ẹ tó rà á. Honda sọ nínú ìwé ọkọ̀ wọn pé kí wọ́n má lo èyí tó ní sílíkéètì, torí ó lè tètè jẹ síìlì pọ́ǹpù, ó sì lè dí rédíétọ̀. Èyí tí wọ́n ṣe fún alùpùpù, tí wọ́n sì kọ ọ́ sí i lára pé kò ní sílíkéètì, ni kí ẹ mú. Àwọ̀ kò sọ nǹkan kan: búlúù ilé-iṣẹ́ kan lè má bá búlúù ti òmíràn mu. Ẹ má sì da èyí tí wọn kò tíì lú rárá sínú rédíétọ̀ pẹ̀lú èrò pé ó máa lágbára jù. Kúláǹtì tí kò ní omi nínú kì í gbé ooru lọ tó bí èyí tí wọ́n lú.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé rédíétọ̀ ti dí?

Ìta rẹ̀ rọrùn. Ẹ yọ ike tó bò ó, kí ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí i. Lára PCX, ìsàlẹ̀ ló wà, nítòsí táyà ẹ̀yìn, nítorí náà ẹrẹ̀, ewé gbígbẹ, irun ajá àti iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú títì nígbà òtútù ni yóò kún àárín ewé rẹ̀. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ àti omi tí kò le fọ̀ ọ́, láti inú bọ̀ síta, kí ìdọ̀tí lè padà gba ibi tó gbà wọlé. Ẹ má gbé ẹ̀rọ tó ń tu omi líle sí i. Yóò tẹ àwọn ewé yẹn pa, afẹ́fẹ́ kò sì ní rọ́nà gbà mọ́. Èyí tó ti tẹ̀, ẹ lè fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ rọra nà án. Tí ewé bá ti ń rún dànù lọ́wọ́, iyọ̀ ti jẹ ẹ́ nìyẹn, ẹ ra òmíràn.

Inú rẹ̀ ṣòro díẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbóná títí tẹmositáàtì fi ṣí, kí ẹ wá na tẹmọ́mítà sí ojú rédíétọ̀ láti ibi tí omi ti ń wọlé dé ibi tó ti ń jáde. Ó yẹ kó máa tutù díẹ̀díẹ̀ bó ṣe ń lọ. Tí ẹ bá rí apá kan tó tutù gan-an láàárín, omi kò débẹ̀. Tí òkè bá gbóná tí páìpù ìsàlẹ̀ sì tutù bí òkúta, yálà omi kò kọjá rárá tàbí tẹmositáàtì kò tíì ṣí. Fífi ọwọ́ wò ó ṣeé ṣe, àmọ́ kí ẹ wọ ìbọ̀wọ́, kí ọwọ́ sì jìnnà sí fáànù PCX, torí òun kì í dúró nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́.

Pọ́ǹpù omi ńkọ́?

Ọ̀nà méjì ni pọ́ǹpù ń gbà bàjẹ́: ó lè máa jò, ó sì lè má ti omi mọ́.

Èyí tó ń jò rọrùn láti mọ̀, nítorí àwọn tó ṣe é ti fi ihò kékeré sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀ fún ìyẹn. Síìlì méjì ló wà lórí ọ̀pá pọ́ǹpù, ọ̀kan ń dá omi dúró, èkejì ń dá ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì dúró, ihò náà sì wà láàárín àwọn méjèèjì. Tí kúláǹtì bá ń jáde níbẹ̀, síìlì omi ló ti jẹ. Tó bá jẹ́ ọ́ìlì, síìlì kejì ni. Mo ti rí ẹni tó fi gọ́ọ̀mù dí ihò yẹn kí ọkọ̀ má bàa máa jò mọ́. Omi tí kò rọ́nà jáde sí ìta á wá ọ̀nà lọ sínú ọ́ìlì ni, ẹ́ńjìnnì tó bá sì ń mu omi pọ̀ mọ́ ọ́ìlì kò ní pẹ́ nọ́ọ̀kì.

Èyí tí kò ti omi mọ́ le ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí ìta rẹ̀ lè mọ́ tónítóní. Abẹ̀bẹ̀ tó wà nínú rẹ̀, tó sábà máa ń jẹ́ ike, lè ti kán tàbí kó ti tú lórí ọ̀pá, kí ọ̀pá máa yí kí abẹ̀bẹ̀ sì dúró. Ẹ ṣí ìdérí rédíétọ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù, ẹ tan án, kí ẹ jẹ́ kó máa gbóná díẹ̀díẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ omi lè má mì rárá, ìyẹn kò ní ẹ̀bi, tẹmositáàtì ṣì wà ní títì. Nígbà tó bá ṣí, ẹ máa rí omi tó ń ṣàn kọjá lẹ́nu rédíétọ̀, tí ẹ bá sì fa tọ́rọ́tù díẹ̀, ìṣàn náà á yí padà. Tí ẹ́ńjìnnì bá ti gbóná dáadáa tí omi sì dúró sójú kan, ẹ yọ tẹmositáàtì, kí ẹ fi sínú ìkòkò omi lórí iná pẹ̀lú tẹmọ́mítà. Tó bá ṣí níbẹ̀ bó ṣe yẹ, kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Ẹ ṣí pọ́ǹpù. Ẹ má jẹ́ kí ìdérí wà ní ṣíṣí títí omi á fi máa hó o.

Fáànù Vespa mi kì í tàn. Ṣé fáànù ti kú nìyẹn?

Kò dájú. Ẹ wo fíúsì, lẹ́yìn náà ẹ fa wáyà méjì láti bátìrì sí fáànù tààrà. Tó bá yí, fáànù wà láàyè. Ohun tó ń pàṣẹ fún un ni kí ẹ wá lọ, ìyẹn rìléè tàbí sẹ́ńsọ̀. Ẹ rántí pé tí omi bá ti dín débi pé sẹ́ńsọ̀ kò sí nínú omi mọ́, ó lè má mọ̀ pé ẹ́ńjìnnì ń jó, fáànù tó yè kò sì ní tàn.

Mo pààrọ̀ kúláǹtì fúnra mi, ó wá ń gbóná ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Afẹ́fẹ́ ti há sínú rẹ̀. Afẹ́fẹ́ kì í gbé ooru, pọ́ǹpù kò sì lè tì í. Ẹ gbé ọkọ̀ sórí ìdúró àárín, ẹ ṣí ìdérí, ẹ rọra da kúláǹtì sí i, kí ẹ sì máa fọwọ́ fún páìpù rọ́bà. Ẹ tan án, kí ẹ máa fa tọ́rọ́tù díẹ̀díẹ̀ kí ẹ sì máa jọ̀wọ́ rẹ̀. Omi á máa lọ sílẹ̀, ẹ ó máa bù sí i, títí kò fi ní sí afẹ́fẹ́ tó ń yọ mọ́. Ẹ wá dé e, kí ẹ fi kúláǹtì sínú ike dé UPPER. Àwọn skútà tí rédíétọ̀ wọn wà níwájú sábà ní bọ́ọ̀tì kékeré kan tí wọ́n fi ń tú afẹ́fẹ́ sílẹ̀. Ẹ wá a nínú ìwé ọkọ̀ yín. Lọ́jọ́ kejì, tó bá ti tutù, ẹ tún wo ẹnu rédíétọ̀, ó lè gbà sí i díẹ̀.

Afẹ́fẹ́ yẹn ò tán o, ó ń hó kùṣùkùṣù láì tíì gbóná.

Ìyẹn kì í ṣe afẹ́fẹ́ ìta mọ́. Èéfín inú sílíńdà ló ń ti gáskẹ́ẹ̀tì orí ẹ́ńjìnnì kọjá bọ́ sínú omi. Àwọn àmì rẹ̀ ni páìpù rọ́bà tó le gbagidi ní kété tí ẹ tan ọkọ̀, ike tó ń kún àkúnya, àti èéfín funfun aládùn lẹ́nu sàlẹ́ńsà tí kò lọ nígbà tí ẹ́ńjìnnì móoru. Omi àyẹ̀wò kan wà tí wọ́n ń gbé sí ẹnu rédíétọ̀, búlúù ni, èéfín á sọ ọ́ di yẹ́lò. Tí ẹ bá rí ohun bíi mílíìkì lábẹ́ ìdérí ọ́ìlì nìkan, ẹ má tíì sunkún: nígbà òtútù, ọkọ̀ tí kì í rin ọ̀nà jíjìn máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Tó bá jẹ́ pé gbogbo ọ́ìlì tí ẹ tú jáde ló rí bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀.

Ní Èkó, wọ́n kàn máa ń yọ tẹmositáàtì dànù ni. Ṣé kí n yọ ọ́?

Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, mo sì mọ àwọn mẹkáníìkì tó ń ṣe é sí mọ́tò. Tí tẹmositáàtì bá há ní títì, yíyọ ọ́ á jẹ́ kí ẹ délé. Àmọ́ nínú òtútù London, ẹ́ńjìnnì kékeré tí kò ní in kì í gbóná tó bó ṣe yẹ. Á máa jẹ epo, epo tí kò jó tán á máa wọ inú ọ́ìlì. Tó bá sì jẹ́ pọ́ǹpù tàbí rédíétọ̀ ló ní àìsàn, ẹ kò tíì wo nǹkan kan sàn.

Kúláǹtì àtijọ́, ibo ni kí n dà á sí?

Kì í ṣe inú gọ́tà, kì í ṣe ẹ̀yìn ilé. Ó dùn lẹ́nu, ó sì jẹ́ májèlé: ajá, ológbò àti ọmọdé lè lá a. Ẹ rọ ọ́ sínú ike tó ní ìdérí, ẹ kọ ohun tó jẹ́ sí i lára, kí ẹ bi káńsù yín léèrè ibi ìkólẹ̀ tó ń gbà á, tàbí kí ẹ gbé e wá fún mẹkáníìkì yín nígbà tí ẹ bá ń bọ̀.